Òǹwòran kọ́ ni oníbàárà: àṣìṣe tí mo ṣe nígbà tí mo fẹ́ mọ ẹni tó ń ra àdìrẹ mi

Insights, ibi tí Instagram ti ń fi irú àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹ hàn, nìkan ni mo kọ́kọ́ wò. Ó ní obìnrin ló pọ̀ jù, ọmọ ọdún 18 sí 24, Èkó ni wọ́n ń gbé. Mo bá kọ irú oníbàárà mi sínú ìwé: ọmọ yunifásítì, tó fẹ́ràn àríyá, tó ń wọ gáùn kúkúrú. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ àríyá fún mi? Èmi ni mo bu iyọ̀ sí i. Oṣù méjì ni mo fi rán gáùn, wọ́n ń tẹ ọkàn pupa sí i, kò sẹ́ni tó sanwó.

Gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ lé ẹ ni Insights ń kà, títí kan àwọn tá a jọ ń tajà kan náà. Àwọn tó sanwó wà lórí WhatsApp. Mo wá ṣí àwọn tí mo lẹ àmì Paid mọ́ níbẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti sanwó, mo mú 30 tó rà gbẹ̀yìn, mo ka ọ̀rọ̀ wa látòkè délẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni mo ń kọ sílẹ̀: ohun tí wọ́n fẹ́ fi aṣọ ṣe, ẹni tó júwe mi fún wọn, àti ohun tí wọ́n béèrè kí wọ́n tó sanwó. 19 nínú wọn ló ń ra aṣọ ẹgbẹ́. Ìbéèrè wọn ò ju “Ṣé kì í ṣí?” lọ. Gáùn ò tiẹ̀ wọ ọ̀rọ̀.

Ibi tí mo tún ti kọsẹ̀ ni ìbéèrè tèmi. Mo bi àwọn oníbàárà yìí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá ń ta ìró àti bùbá tí wọ́n ti rán, ṣé ẹ máa rà?” Wọ́n ní, “Àá rà o, ọmọ mi!” Àdúrà nìyẹn, kì í ṣe èsì. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ni kó o béèrè. Nígbà tí mo bi màmá kan bó ṣe ra aṣọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn, ó ní òun ni akọ̀wé, òun ló ń gba owó ọmọ ẹgbẹ́. Èèyàn mẹ́rin sanwó pẹ́, aṣọ tí wọ́n pa láró fún wọn lẹ́yìn náà ò bá ti àwọn yòókù mu, òun ni wọ́n sì bá jà. Ohun tó ń ba akọ̀wé lẹ́rù gan-an nìyẹn, kò sí lórí Insights.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àwọn tó béèrè iye tí wọn ò padà wá. Mo kọ̀wé sí 8, 5 ló dáhùn. Mẹ́ta ní owó ẹgbẹ́ kì í pé lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo owó ni mo ní kí wọ́n san kí n tó ki aṣọ bọ aró.

Ní báyìí, iye ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ló wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé mi. Èyí tó jẹ́ ẹnì kan ló sọ ọ́, pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.