Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ka sẹ́ẹ̀tì láti inú fọ́tò

Bí ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì bá ti ń sún mọ́lé, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù ni àwọn òbí ti ń ya ìbéèrè sẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo èyí." Ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ sanwó fún ẹlòmíràn tó gbà á ṣe, tí ìdáhùn rẹ̀ kò sì bá ti ẹ̀yìn ìwé mu. Owó yẹn máa ń ká mi lára. Ìṣirò ibẹ̀ kò le rárá, àwòrán ni wọn kò kà dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n bi ọmọ 40 léèrè oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn: G ni gàrí, K ni ìkọ́kọ́rẹ́, R ni ráìsì. Róbótó mẹ́ta wọnú ara wọn nínú àpótí kan. Gàrí nìkan jẹ́ 9, ìkọ́kọ́rẹ́ nìkan 6, ráìsì nìkan 8. Gàrí àti ìkọ́kọ́rẹ́ láìsí ráìsì jẹ́ 5. Gàrí àti ráìsì láìsí ìkọ́kọ́rẹ́ 4. Ìkọ́kọ́rẹ́ àti ráìsì láìsí gàrí 2. Àwọn tó fẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láàárín gbùngbùn, jẹ́ 3. Àwọn tí kò fẹ́ ìkankan náà jẹ́ 3, níta róbótó ṣùgbọ́n nínú àpótí.

1. Ẹ má pe 9 ní iye G. Gbogbo ohun tó wà nínú róbótó G ni G: 9 + 5 + 4 + 3 = 21.

2. Ẹ má gé etí fọ́tò. Bí 3 tó wà ní igun àpótí bá bọ́ sílẹ̀, 37 lẹ máa rí, ẹ ó wá máa bú ẹni tó kọ ìwé.

3. Ẹ má pe òjìji ní ìkùn tí ìwé fi ń tọ́ka sí apá tí wọ́n ń béèrè iye rẹ̀. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú! Ẹ tẹ́ ìwé sábẹ́ gílóòbù àárín yàrá, ẹ na fóònù sókè rẹ̀, orí yín àti ọwọ́ yín dínà ìmọ́lẹ̀, òjìji bá dúdú sórí àwòrán. Bàbá kan bá ọmọ rẹ̀ jà dé ọ̀dọ̀ mi lórí irú àwòrán yìí. Ọmọ ní ìdáhùn jẹ́ 5, bàbá ní 8 ni, ó sì ti sanwó fún ẹni tó sọ 8. Ibi tí gàrí àti ìkọ́kọ́rẹ́ ti pàdé láìsí ráìsì ni ìwé kùn, ìyẹn `G ∩ K ∩ R′`. Òjìji fóònù ló bo àárín gbùngbùn, ni 3 ibẹ̀ bá kún un, ó wá dà bí `G ∩ K`. Mo yọ awò mi, mo nù ún, mo tún wò ó, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ìkùn máa ń dúró ní etí róbótó. Ibi tí ìlà róbótó bá wà ló ti ń parí. Òjìji kò mọ ààlà: á gba orí ìlà kọjá, á sì máa bá a lọ dé ibi funfun tó wà lẹ́yìn àpótí. Bí wọ́n bá fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún, ẹ fẹ fọ́tò náà lójú: ìlà á hàn níbi tí wọ́n kùn, òjìji á kàn ṣú ni. Kí ẹ sì tó ya òmíràn, ẹ gbé ìwé lọ sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má lo irinṣẹ́ fóònù tó ń sọ fọ́tò di dúdú àti funfun pátápátá. Ó lè pa ìkùn pẹ́ńsù tí kò dúdú rẹ́, ó sì lè sọ òjìji di dúdú kirikiri.

Ẹ tún wo ibi tí orí fọ́tò wà. Bí ó bá dorí kodò, 9 á di 6, 6 á di 9. Iye gbogbo rẹ̀ á ṣì jẹ́ 40, nítorí náà àròpọ̀ kò ní tú àṣírí. Ṣùgbọ́n G á ti di 18 dípò 21, K á sì di 19 dípò 16. Lẹ́tà ni kí ẹ wò: bí G àti R bá dorí kodò, ẹ yí fọ́tò padà kí ẹ tó ka nọ́ńbà kankan. Àṣìkà kan ṣoṣo, bí ìlà ìkùn bá gba orí 1 tó wá dà bí 7, àròpọ̀ á fi hàn, torí á fi 6 lé.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ro ohun tí kò yẹ kí wọ́n rò pọ̀. Bí ẹ bá rí 2, 4, 6, 8 nínú ìpín kan, tí kọ́mà wà láàárín wọn, àwọn gan-an ni ọmọ sẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rin ni wọ́n. Ẹ má kọ 20 fún mi.