Bí a ṣe ń fi ìwé kékeré kan wá ohun tó ń ba inú wa jẹ́

Ìwé kékeré ni mò ń sọ, tí èèyàn á máa kọ nọ́ńbà kan àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí lójoojúmọ́ nípa bí inú rẹ̀ ṣe rí, kó lè mọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ohun tó máa ń ṣáájú ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó sì ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Púpọ̀ nínú wọn kì í wúlò, ibì kan náà ni wọ́n sì ti máa ń bà á jẹ́. Màá dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ wá ìwé tó lè wọ àpò. Ìwé eléwé 40 táwọn ọmọ iléèwé ń lò dára, kẹ́ ẹ gé e sí méjì. Dáyárì tí wọ́n máa ń pín lópin ọdún tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí déètì ti wà lórí rẹ̀. Ẹ fi okùn so bírò mọ́ ọn. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fóònù: ẹni tó bá ṣí fóònù kó lè kọ nọ́ńbà kan, ọ̀rọ̀ tó wà lórí Wásáàpù ló máa kọ́kọ́ rí, nígbà tó bá fi máa rántí ohun tó fẹ́ ṣe, inú tó fẹ́ kọ ti yí padà. Álààmù nìkan ni kẹ́ ẹ fi fóònù ṣe. Ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máa kọ nọ́ńbà nìkan sórí kálẹ́ńdà ara ògiri, kò sẹ́ni tó máa mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣàlàyé nọ́ńbà yín sí ojú ewé àkọ́kọ́. Láti 0 dé 10 ni mo máa ń lò. 0 ni ọjọ́ tó burú jù lọ tẹ́ ẹ rántí, 10 ni ọjọ́ tí ayọ̀ yín kún jù lọ, 5 sì ni ọjọ́ lásán tí kò dùn, tí kò sì korò. Ẹ fi ọjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ gbe nọ́ńbà mélòó kan lẹ́sẹ̀: "2 ni ọ̀sẹ̀ tá a sin Bàbá. 8 ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ." Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, 4 tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní jẹ́ 4 tẹ́ ẹ máa kọ lọ́sẹ̀ kẹrin.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló tó: tẹ́ ẹ bá jí, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ní nǹkan bí agogo 2 ọ̀sán, àti kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi fífọ eyín, kíkírun ọ̀sán, tàbí títú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹ má ṣe padà lọ kún un. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lálẹ́ Friday, tó wá jókòó kọ ti Tuesday sílẹ̀, inú ti Friday ló máa kọ síbẹ̀. Mo máa ń dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ lójú kan: bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, nọ́ńbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé òpin.

Nǹkan mẹ́rin ni kẹ́ ẹ máa kọ: nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ tó ṣàpèjúwe bó ṣe ń ṣe yín, ibi tẹ́ ẹ wà àti ẹni tẹ́ ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀, àti wákàtí tẹ́ ẹ fi sùn lóru àná. Kí obìnrin fi ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kún un. Ní ti ọ̀rọ̀, "inú mi ò dùn" ló máa ń yá wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ṣé inú ń bí yín ni? Àbí àyà yín ń já? Àbí ojú ń tì yín, tàbí gbogbo nǹkan kàn sú yín? Ara ló tiẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa, tí orí á máa gbóná, tí ara á wúwo bí ẹni ru ẹrù. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Orí gbígbóná tó ń wá ní gbogbo ọ̀sán Monday wúlò fún wa ju "inú mi bàjẹ́" ogún ìgbà lọ.

Ibi tó le nìyí o. Ẹ má ṣe kọ ohun tó fà á.

Mo mọ̀ pé ohun tó fà á gan-an la ń wá. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wo ohun tí ẹnì kan kọ: "Ọ̀gá mi tún bà mí nínú jẹ́ lónìí bó ṣe máa ń ṣe. Kò fẹ́ràn mi." Kò sí nọ́ńbà níbẹ̀, kò sí agogo, ẹjọ́ ló dá, tó sì ti dá a kí ẹlẹ́rìí tó dé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ìgbà tí inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ọ̀gá ni ojú rẹ̀ máa ń wá. Ọjọ́ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ tí ọ̀gá kò sì sí níbi iṣẹ́, kò kọ nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé náà wá di ìwé ẹ̀sùn, ó sì gbà á gbọ́ torí pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Mo ní kó tún ọjọ́ kan náà kọ, ohun tó wá kọ rèé: "Agogo 2 ọ̀sán. 3. Ojú ń tì mí, àyà mi ń já. Ọ́fíìsì, ọ̀gá pè mí nítorí ìwé tí mo fi sílẹ̀. Sùn wákàtí 4. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀." Ọ̀gá ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oorun ti dúró tì í, ebi náà ti dúró tì í, a ò sì tíì mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Bí èrò kan bá ń dà yín láàmú tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ẹ pè é ní èrò: "Mo ń rò ó pé kò fẹ́ràn mi." Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n fi ń bà á jẹ́ jọ èyí: wọ́n máa ń kọ kìkì ọjọ́ tí kò dáa. Tí ẹ ò bá ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ara yín yá, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fi ọjọ́ burúkú wé. Ọjọ́ tó bá rí 6 lásán, tí kò sí ìròyìn kankan níbẹ̀, ẹ kọ ọ́. Ẹ má sì máa ṣí ewé ẹ̀yìn wò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Kílíìpù ni mo máa ń fi dè é pọ̀.

Tí ọjọ́ 28 bá pé, kíkà ló kù. Ẹ jẹ́ kí n lo ti àbúrò mi, ó fún mi láyè. Tíṣà ni, ó sì tún ń ránṣọ nílé. Ó dá a lójú pé ìpè ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń ba inú òun jẹ́. A fa ìlà yí gbogbo ọjọ́ tí nọ́ńbà alẹ́ rẹ̀ kò ju 4 lọ ká, mẹ́sàn-án ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ pè lọ́jọ́ mẹ́jọ, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ nínú mẹ́ta. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe la wá ṣe: a ka àwọn ọjọ́ tí ìyá ò pè. Ogún ọjọ́ ni, inú rẹ̀ bàjẹ́ nínú mẹ́fà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò tó nǹkan. Bí ìyá pè, bí ìyá ò pè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà.

A wá ka oorun. Òru mẹ́wàá ni kò sùn tó wákàtí márùn-ún, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé méje nínú wọn. Nínú ọjọ́ 18 yòókù, méjì péré ni. Ìyàtọ̀ nìyẹn, ẹ ò ní nílò awò kẹ́ ẹ tó rí i. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé àìsùn ló ba inú jẹ́, àbí inú tó ti bàjẹ́ ni kò jẹ́ kó sùn? A wo nọ́ńbà alẹ́ tó ṣáájú òru mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn. Mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsùn ló ṣáájú. Ìdí tí kì í fi í sùn náà wà nínú ìwé, níbi tó máa ń kọ ibi tó wà sí: "ìdí máṣíìnì," "ìdí máṣíìnì," ìgbà mélòó kan tí agogo 12 òru ti kọjá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ sì máa kọ ìwé lọ. Tẹ́ ẹ bá yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Àbúrò mi kó ìránṣọ sí ọ̀sán Saturday, ó sì ń bo máṣíìnì tí agogo 10 bá ti lù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ bàjẹ́ nínú ọjọ́ 14. Àmọ́ wọ́n gba ìsinmi iléèwé lọ́sẹ̀ kejì, nítorí náà mo ní kó tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá wọlé, kó má baà jẹ́ pé ohun tí ìsinmi ṣe là ń rò pé ìyípadà ìránṣọ ló ṣe é.

Obìnrin tó bá fura pé nǹkan oṣù ló fà á kò lè fi oṣù kan mọ̀. Ó kéré tán, kí ó kọ ọ́ fún oṣù méjì, kó wò ó bóyá nọ́ńbà máa ń wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù, tó sì máa ń gòkè tí nǹkan oṣù bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà kéré jálẹ̀ oṣù, nǹkan míì ni.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ tìtorí wọn dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí èrò pé ó sàn kẹ́ ẹ kú bá wọlé, ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọsibítù. Bí nọ́ńbà bá kéré fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò sì wù yín mọ́, ẹ lọ. Èyí táwọn èèyàn kì í kà sí ni 9 àti 10 tó tẹ̀ léra wọn fún ọjọ́ púpọ̀, tí èèyàn ń sùn wákàtí mẹ́ta tí kò rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, tó ń ná owó bí ẹni da omi. Inú dídùn kọ́ nìyẹn, dókítà ni kó rí i. Ní Èkó, ọsibítù ìjọba wà ní Yábàá fún èyí. Ní Abẹ́òkúta, Arò ni. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú rẹ̀ sì wà ní ọsibítù UCH n'Ìbàdàn. Ẹ mú ìwé náà dání bó ṣe wà, ẹ má ṣe dà á kọ kó lè mọ́. Iye wákàtí tẹ́ ẹ ń sùn àti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ béèrè, inú ìwé yẹn ni wọ́n sì wà.