Bí a ṣe ń wá ọ̀gá tí yóò kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn ilé ìwé

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń kéde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́. Bí ìwọ bá ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n béèrè, fi orúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá, kí o sì múra fún ìdánwò ìṣirò. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta kì í kéde fún ẹnikẹ́ni. Àyè lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí kí ẹnì kankan má gbọ́. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń wá rí, n ó sì fi iṣẹ́ wẹ́dà ṣe àpẹẹrẹ.

Má tíì lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kankan. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin ni kí o kọ́kọ́ lọ. Bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ra irin lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kì í sì í jẹ yín ní gbèsè?" Ẹni tó ń ra irin déédéé ń ríṣẹ́ ṣe nìyẹn. Níbi tí iṣẹ́ kò bá sí, ìjókòó ni ọmọ iṣẹ́ máa ń kọ́. Gba orúkọ ọ̀gá mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà, lọ bá wọn ní kùtùkùtù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń jó irin lọ́wọ́ kò ráyè ẹjọ́. Má bẹ̀bẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, iṣẹ́ yín sì wù mí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá wò yín fún ọjọ́ kan péré?" Ọjọ́ kan kò wọ́n ọ̀gá láti fún ọ, ìwọ náà á sì rí ohun tí ẹnu kì í sọ.

Lọ́jọ́ yẹn, wo abẹ́ tábìlì iṣẹ́. Bí o bá rí àjákù irin tí wọ́n ti jó pọ̀ ní ìlà ní ìlà, tí àwọn kan rí ságisági, tí àwọn mìíràn tò léra bí ìpẹ́ ẹja, inú rẹ lè dùn: ọ̀gá yẹn ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fi irin tí kò wúlò dánra wò. Wo ọmọ iṣẹ́ tó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbígbá ilẹ̀ àti gbígbọn ìdàrọ́ kúrò lára irin nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, bó ṣe máa rí fún ìwọ náà nìyẹn.

Èyí tí mi ò ní fojú fò ni ojú. Ṣé ọmọ iṣẹ́ ní ìbòjú tirẹ̀, tí gíláàsì rẹ̀ dúdú tó, nǹkan bíi nọ́ńbà 10 sí 13? Bí wọ́n bá ń fi awò oòrùn lásán jó irin, dìde, kí o máa lọ. Ìmọ́lẹ̀ iná wẹ́dà kì í dun ojú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, lóru, ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíi pé yanrìn wọ inú rẹ̀.

Kí o tó lọ, wá ọ̀nà bá ọmọ iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀: ta ló ti kọ́ṣẹ́ parí níbí, ibo ló sì wà báyìí? Bí kò bá rí ẹyọ ẹnì kan dárúkọ, ó yẹ kó kọ ọ́ lóminú.

Bí ibẹ̀ bá tẹ́ ọ lọ́rùn, bẹ ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ méjì àdánwò kí ẹ tó ṣe àdéhùn. Kí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ wà níjókòó lọ́jọ́ àdéhùn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì: iye ọdún, ẹni tí yóò ra irinṣẹ́, ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú bí o bá farapa, àti ìgbà tí wàá bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin fúnra rẹ. Ohun tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun gan-an ló sì máa ń dájà sílẹ̀.

Bí ọ̀gá bá ní kò sáyè, má kàn dúpẹ́ kí o lọ. Bi í pé oṣù wo ni ọmọ iṣẹ́ tó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀ máa parí. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì padà lọ ní oṣù kan ṣáájú.