Oúnjẹ kékeré lẹ̀ ń jẹ, kí ló dé tí ikùn yín ń wú títí dalẹ́?

Ẹ jí láàárọ̀, ikùn pẹlẹbẹ, tó bá fi máa di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ síìpù ò tì mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ò jẹun yó lẹ́ẹ̀kankan. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù níbí ni pé èèyàn á mú oúnjẹ tó jẹ kẹ́yìn, á ní òun ló fà á, á tún dín in kù, á wá máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí méjì méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, ìfun kékeré ní bó ṣe ń gbálẹ̀ ara ẹ̀. Tínú bá ṣófo, bíi ìṣẹ́jú 90 sí 120 síra wọn, ìfun á máa fún ara ẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, á gbá ìṣẹ́kù oúnjẹ àtafẹ́fẹ́ lọ. Àmọ́ béèyàn bá ti fi nǹkan sẹ́nu báyìí, gbígbálẹ̀ yẹn dúró nìyẹn, bó ṣe bísíkíìtì kan ṣoṣo, bó ṣe tíì oní mílíìkì.

Ìkejì ni pé gáàsì tó ń dà yín láàmú nírọ̀lẹ́, ó lè jẹ́ ti oúnjẹ àárọ̀. Oúnjẹ sábà máa ń lo wákàtí bíi mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó dé ìfun ńlá, ibẹ̀ ni bakitéríà ti ń jẹ èyí tára ò rí lò, tí gáàsì á wá máa jáde.

Àǹtí kan tí mo mọ̀ kọ gbogbo ohun tó ń jẹ sílẹ̀. Aago méje, òótì pẹ̀lú mílíìkì. Mẹ́sàn-án, ápù. Mọ́kànlá, yógọ́ọ̀tì. Ọ̀kan ọ̀sán, ẹ̀wà díẹ̀ tó ní àlùbọ́sà. Mẹ́ta ààbọ̀, ápù míì. Kò sí ńlá nínú wọn, àmọ́ gbogbo wọn ló ní irú ṣúgà tó lè ṣòro fún ìfun kékeré láti fà mu, wọ́n wá ń pàdé ara wọn nísàlẹ̀. Téèpù tó fi wọn ìdodo: 78 sẹ̀ǹtímítà láàárọ̀, 86 lálẹ́. Ó wá ń jẹun ẹ̀ẹ̀mẹta péré lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin láàárín, omi nìkan ló ń mu láàárín wọn, ápù kan, kò sí mílíìkì lọ́jọ́ tó bá jẹ ẹ̀wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 81 ló bá lálẹ́.

Ẹ má fi ṣingọ́ọ̀mù pa ebi o, afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń gbé mì, èyí tí wọ́n ní kò ní ṣúgà gan-an, adùn inú ẹ̀ máa ń di gáàsì. Tí ìgbẹ́ ò bá sì yà dáadáa, ẹ tọ́jú ìyẹn kẹ́ ẹ tó yọ oúnjẹ kankan, torí gáàsì ò rọ́nà gbà.

Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó bi dókítà kó tó fi àyè sáàárín oúnjẹ. Tí ikùn ò bá sì wálẹ̀ mọ́ láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí ẹ̀ ń rù, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ tètè lọ rí dókítà, pàápàá obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, torí ó lè jẹ́ àìsàn ilé ẹyin.