Òjìji Tó Gùn Ju Ẹni Tó Ni Ín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ọ̀nà Gram-Schmidt

Mú fẹ́kítọ̀ méjì yìí: v1 = (1, 1, 0) àti v2 = (1, 0, 1). Àwọn méjèèjì jọ tẹ́ ojú pẹrẹsẹ kan sínú ààyè oníhà mẹ́ta. A fẹ́ mọ ibi tí òjìji b = (3, 0, 0) máa bọ́ sí lórí rẹ̀. Òjìji ọ̀sán gangan ni mò ń wí, ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí ojú náà ní igun 90°, kì í ṣe ti ìrọ̀lẹ́ tó máa ń gùn gbọọrọ.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á wá òjìji b lórí v1, á wá ti orí v2, á sì ro méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀ ká wo ohun tó máa bí. Ìlọ́po onídọ́ọ̀tì b·v1 jẹ́ 3, v1·v1 sì jẹ́ 2, nítorí náà òjìji àkọ́kọ́ jẹ́ 3/2 ti v1. Iye kan náà ló bọ́ sí ti v2. Àròpọ̀ wọn ni (3, 3/2, 3/2), gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3.67. Ṣùgbọ́n 3 péré ni gígùn b! Òjìji ọ̀sán gangan kì í gùn ju ohun tó ni ín lọ láé. Ohun tó fà á ni pé v1 àti v2 kò dá igun 90° síra wọn: v1·v2 jẹ́ 1, kì í ṣe òdo. Ibi tí wọ́n ti jọ kọjú sí la kà lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ tí ọ̀nà Gram-Schmidt ń ṣe nìyẹn: ó ń yọ ìpín v1 kúrò lára v2 ká tó lò ó. Níbí ni àṣìṣe kejì ti ń wọlé. Àwọn kan á yọ (v2·v1)v1, wọ́n á gbàgbé láti fi v1·v1 pín in. Wọ́n á rí (0, −1, 1). Fi v1 dán an wò, wàá rí −1 dípò òdo. Èyí tó tọ́ ni ká yọ ìdajì v1, torí 1 pín sí 2 ni: (1, 0, 1) − (1/2, 1/2, 0) = (1/2, −1/2, 1). Kí ìdá má bàa dí wa lọ́wọ́, mo fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀: u2 = (1, −1, 2). Igun rẹ̀ kò yí padà.

Wàyí o, b·u2 jẹ́ 3, u2·u2 sì jẹ́ 6, nítorí náà ìdajì u2 la máa rò mọ́ 3/2 ti v1. Òjìji náà ni (2, 1, 1), gígùn rẹ̀ kò sì ju bíi 2.45 lọ. Yọ ọ́ kúrò lára b, ó ku (1, −1, −1). Fi v1 àti v2 ìbẹ̀rẹ̀ gan-an dán ìyókù yìí wò: òdo ni méjèèjì. Má fi ìdánwò yìí sílẹ̀ láé. Bí o bá fẹ́ kí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, fi √2 pín v1, kó o fi √6 pín u2. Ìgbà yẹn nìkan lo lè ṣíwọ́ pípín nínú ìṣirò òjìji.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìṣirò tó tọ́ lórí ìwé ṣì lè bàjẹ́. Mú (1, e, 0, 0), (1, 0, e, 0) àti (1, 0, 0, e), kí e jẹ́ 10⁻⁸. Nǹkan bí díjíìtì 16 ni kọ̀ǹpútà ń dì mú, nítorí náà 1 + e² á di 1 lásán. Bó o bá ń fi fẹ́kítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, v, wá gbogbo ìpín tí o fẹ́ yọ, ìkejì àti ìkẹta nínú ìpìlẹ̀ rẹ á ní dọ́ọ̀tì 0.5, ìyẹn igun 60°. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń tún un ṣe. Nínú kóòdù yìí, Q ni àkójọ àwọn fẹ́kítọ̀ ìpìlẹ̀ tí a ti rí, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ 1:

```python
w = v.copy()
for q in Q:
    w = w - (q @ w) * q   # w ni, kì í ṣe v
```

Bí a ṣe ń lo w, ohun tó ti ṣẹ́ kù la tún ń wọ̀n, àṣìṣe ìgbésẹ̀ tó kọjá á sì tún rí àtúnṣe. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìkejì àti ìkẹta á padà dá igun 90°.

Ṣọ́ra fún w tó bá kéré gan-an lẹ́yìn yíyọ. Bí o bá fi (2, 1, 1) ṣe fẹ́kítọ̀ kẹta lẹ́yìn v1 àti v2, kò yẹ kó ku nǹkan kan, torí àròpọ̀ àwọn méjèèjì ni. Kọ̀ǹpútà lè fún ọ ní nǹkan bí 10⁻¹⁶. Bó o bá fi gígùn rẹ̀ pín in, ìdọ̀tí ìṣirò lo sọ di fẹ́kítọ̀ olóókan yẹn. Jù ú nù.

Kó o tó fi ìpìlẹ̀ náà wá òjìji kankan, to àwọn fẹ́kítọ̀ inú Q sí òpó mátíríìsì M, kó o tẹ `M.T @ M`. Láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, 1 ló yẹ kó wà. Níbi tó kù, òdo tàbí nǹkan bí 10⁻⁸ sísàlẹ̀ fún irú fẹ́kítọ̀ tó súnmọ́ra báyìí. Bó o bá bá 0.5 níbẹ̀, v lo ṣì ń lò.