Ímeèlì tí mo kọ sí ẹni tí a kò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ọ̀dọ́kùnrin kan kọ̀wé sí wa pé kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú sífí òun tí a kò fi pe òun. Iṣẹ́ akáǹtì ló wá sí iléeṣẹ́ wa n'Ìbàdàn. Èmi ni ọ̀gá ẹ̀ka náà, èmi náà ni mo sì ka àwọn sífí, nítorí náà ọwọ́ mi ni èsì wà.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo tẹ ìpolówó iṣẹ́ náà jáde, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sífí rẹ̀. Mo ń ka ohun tí a béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ìlà tó dá a lóhùn. HND nínú ìmọ̀ ìṣírò owó, ó wà. Ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, ó wà. Mẹ́ta ló ṣẹ́kù tí n kò rí ibi sàmì sí.

Àkọ́kọ́ ni ti ọdún. A ní a fẹ́ ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ akáǹtì fún ọdún 3, ó kéré tán. Ó kọ “2019–2022”. Lójú ẹni tó ń kánjú, ó ti pé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé ní Oṣù Kìíní 2019 tó kúrò ní ìparí 2022 ti lo ọdún 4, ẹni tó sì wọlé ní Oṣù Kejìlá 2019 tó kúrò ní Oṣù Kìíní 2022 kò lò ju ọdún 2 àti oṣù díẹ̀ lọ. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì máa kọ bí wọn kò bá fi oṣù sí i.

Ti owó orí ló gba àkókò mi jù. A béèrè ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwé owó orí ọjà, ìyẹn fáàtì, àti ti owó orí tí a ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìjọba àpapọ̀ ló ń gba fáàtì, ìwé rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e. Ti owó oṣù, ìjọba ìpínlẹ̀ là ń san án fún, ọjọ́ 10 sì ni òpin tirẹ̀. Ẹni tó ti sáré bá àwọn ọjọ́ wọ̀nyí rí kì í ṣòro fún láti dárúkọ èyí tó ṣe. Sífí yìí kàn sọ pé ó “bójú tó ọ̀rọ̀ owó orí” ni. Ẹni tó ń gbé tẹ́là lọ sí báńkì náà lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta kò gùn: fífi ìwé owó iléeṣẹ́ wé sítétímẹ́ǹtì báńkì lóṣooṣù. Kò mẹ́nu bà á rárá.

Ẹnìkan lára wa ti kọ ọ́ sí etí sífí náà pé kò dà bí ẹni tó mọ Excel dáadáa. N kò fi ìyẹn sínú èsì, torí pé Excel kò sí nínú ìpolówó. N kò sì sọ ohunkóhun nípa ẹni tí a gbà. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn kò kàn án. Mo tún ń ṣọ́ra fún “ẹ kò ní”, torí n kò mọ ohun tó ní, ohun tó kọ nìkan ni mo rí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, bó ṣe rí ní Yorùbá nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ohun mẹ́ta tí ìpolówó wa béèrè ni a kò rí nínú sífí yín. A béèrè ọdún 3. ‘2019–2022’ tí ẹ kọ kò ní oṣù, a kò sì lè mọ̀ bóyá ó pé. A béèrè ẹni tó ti ṣe ìwé fáàtì àti ti owó orí òṣìṣẹ́; sífí yín sọ pé ẹ bójú tó owó orí, kò sọ èyí tó jẹ́ àti ohun tí ẹ ṣe sí i. A kò sì rí ibi tí ẹ ti fi ìwé owó wé ti báńkì. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí sífí fi hàn nìkan ni a gbé yẹ̀ wò. A ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́ yìí.”

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Bí kò bá sí níbẹ̀, onítọ̀hún á rò pé bí òun bá tún sífí ṣe, ìlẹ̀kùn ṣì ṣí.

Ó fèsì. Oṣù Kẹsàn-án 2019 ló wọlé, ó kúrò ní Oṣù Kẹta 2022, ọdún 2 àti ààbọ̀. Òun ló ń ṣe ti owó orí òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, ọ̀gá rẹ̀ ló ń ṣe fáàtì. Ká ní ó kọ gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, ti ọdún ì bá ṣì dá a dúró, ṣùgbọ́n ti owó orí òṣìṣẹ́ kì bá ti jẹ́ ìbéèrè rárá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.