Méje tí mo kà sí ení: bí mo ṣe ṣírò ipò tí adájọ́ méjì kọ

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló gba odidi ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ mi. Fótò tébù kan ni wọ́n fi ránṣẹ́: adájọ́ méjì to olùdíje ewì mẹ́jọ sí ipò, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ojú kan náà ni àwọn méjèèjì fi wò wọ́n. Mo tẹ ohun tí mo rí sínú Excel láti ṣírò ìbáramu Spearman, èyí tó máa ń jẹ́ 1 bí ipò tí wọ́n kọ bá bára mu pátápátá. Ó gbé 0.292 jáde, bí ẹni pé èrò wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Irọ́ pátápátá ni. Ohun tó wà nínú ìwé nìyí:

```
           A  B  D  E  Ẹ  F  G  GB
Adájọ́ 1    1  2  2  4  5  6  6  8
Adájọ́ 2    2  1  3  3  3  6  8  7
```

Adájọ́ kejì fa orí 7 rẹ̀ kúrú, òjìji fóònù sì bo ibẹ̀. Mo kà á sí 1, GB bá di ẹni àkọ́kọ́.

Ohun tó bí mi nínú ni pé mo yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí nǹkan kan. Ipò mẹ́jọ gbọ́dọ̀ jẹ́ 36 lápapọ̀. Mo ro ó, ó pé 36. Ṣùgbọ́n fọ́múlà RANK.AVG inú Excel ló ti tò ó kí n tó ro ó. Tó bá rí 1 méjì, á fún wọn ní 1.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ti àwọn yòókù sẹ́yìn, àpapọ̀ á sì pé. 36 yẹn ò lè tú àṣìkà kankan fó láéláé.

Nọ́ńbà bí adájọ́ ṣe kọ ọ́ ló tú u fó. Adájọ́ yìí fún ẹni mẹ́ta ní 3, ó wá fo 4 àti 5, ó fún ẹni tó kàn ní 6. Ẹni tó ń fo ipò báyìí ò lè kọ 1 fún ẹni méjì kó tún kọ 2. Nínú ohun tí mo tẹ̀, 1 jẹ́ méjì, 2 ṣì wà níbẹ̀, 7 ò sì sí. Mo fẹ fótò náà títí orí 7 fi hàn. Inú mi dùn gan-an!

Èyí tó kù ò le. Lọ́dọ̀ adájọ́ kìíní, olùdíje B àti D jọ wà ní ipò 2 àti 3, nítorí náà 2.5 ni tiwọn. Lọ́dọ̀ adájọ́ kejì, àwọn mẹ́ta tó gba 3 jọ pín 3, 4 àti 5, wọ́n di 4. Nínú Excel, nọ́ńbà inú fótò wà ní òpó B àti C:

```
D2: =RANK.AVG(B2,B$2:B$9,1)
E2: =RANK.AVG(C2,C$2:C$9,1)
=CORREL(D2:D9,E2:E9)
```

Fa D2 àti E2 dé ìlà 9. Ó jẹ́ 0.877: àwọn adájọ́ náà gbà fún ara wọn dáadáa.

Ẹ má lo fọ́múlà kúkúrú tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, `1 - 6Σd²/(n(n²-1))`. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti bá ẹlòmíì dọ́gba nìkan ló ti pé. Níbí, Σd² jẹ́ 10, ó sì fún mi ní 0.881. Ìyàtọ̀ náà kéré torí àwọn tó dọ́gba ò pọ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i ló máa ń fẹ̀. Ẹni tó bá tún fi 2, 2 àti 3, 3, 3 sínú rẹ̀ láì pín wọn, 0.845 ló máa rí.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti kọ́kọ́ to òpó kọ̀ọ̀kan láti kékeré sí ńlá kí n tó fọwọ́ kan RANK.AVG. Èyí tó tọ̀nà ń lọ báyìí: 1, 2, 3, 3, 3, 6, 7, 8. Tèmi jẹ́ 1, 1, 2, 3, 3, 3, 6, 8, 2 tó tẹ̀ lé 1 méjì ì bá sì ti hàn sí mi lójú ẹsẹ̀.